Pátákó Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Nù

Èmi ni mo ṣe òfin pátákó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí òun gan-an ló ń tì mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ẹlòmíì ló ṣe òfin náà ni, ǹ bá rí nǹkan fi gbèjà ara mi. Mi ò rí nǹkan kan.

Ọ́fíìsì wa wà ní Oregun, lókè ilé kan tí wọ́n ń kó páálí sí nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá wá já páálí, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ife tíì á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń bá a wí mọ́. Iṣẹ́ wa ni ká máa kọ ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn kílíníkì tó wà nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, níbi tí òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́ tàbí tí ibà mú ti máa ń lọ rí nọ́ọ̀sì. Ètò wa ló ń bá nọ́ọ̀sì tọ́jú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ò ju mẹ́ta lọ tó ń kọ kóòdù níbẹ̀, èmi sì ni àgbà wọn.

Django, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python ṣe, la fi ń kọ ọ́. Nínú Django, módẹ̀lì ni à ń pe àpèjúwe ohun tí a fẹ́ tọ́jú. Módẹ̀lì òṣìṣẹ́ á ní orúkọ, ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fi ohun tuntun kún un, Django á bá ọ kọ fáìlì kékeré kan tó ní nọ́mbà, tí à ń pè ní migration. Fáìlì yẹn ló máa sọ fún dátábéèsì, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà, pé kó fi kọ́lọ́mù kan, ìyẹn àyè tuntun, kún tábìlì rẹ̀. Fáìlì kọ̀ọ̀kan á sì dárúkọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń dárúkọ bàbá rẹ̀. Bí èèyàn méjì bá lọ yí módẹ̀lì kan náà padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fúnra wọn, ọmọ méjì á pe bàbá kan, àwọn méjèèjì á sì ní àwọn ni àkọ́bí.

Irú rẹ̀ ti dà wá láàmú nígbà kan rí. Mo bínú lọ́jọ́ náà débi tí ọ̀gá wa fi jáde láti yàrá rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Ìbínú mi kì í pẹ́ kó tó dé ẹnu, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ra pátákó funfun kan ní Agége, mo kàn án mọ́ ògiri, mo sì ṣe òfin: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan módẹ̀lì, kó kọ́kọ́ wo pátákó, kó kọ orúkọ módẹ̀lì náà, ohun tó fẹ́ fi kún un, àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn ń pa òfin náà mọ́. Èmi nìkan ni mi kì í kọ nǹkan kan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé orí mi ni pátákó tèmi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, mo rò pé ó lè gbẹ́ ohun gbogbo.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Agége fún ọdún mélòó kan. Orí fóònù ló ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ kóòdù, kó tó rí láptọ́ọ̀pù àlòkù kan. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti wá bá wa, ọ̀gá sì ní kó ṣe oṣù mẹ́fà ká fi wò ó. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, yóò gba lẹ́tà pé ó ti di ọmọ ilé. Bí kò bá dára, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ ni oṣù mẹ́fà náà pé. Ẹni kẹta wa ti lọ ṣe ìgbéyàwó, kò sí nílé. Àwa méjì péré ló ṣẹ́ kù sídìí kóòdù.

Ó máa ń kọ nǹkan sórí pátákó bí olùkọ́ tó jẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ kéékèèké, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó fi kún un pé kí kíláàsì dìde kí wọ́n kí wa. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó ṣeé kà," á sì máa kọ ọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà ní kílíníkì tí a ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí Màmá bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ẹni mẹ́ta ni wọ́n á sọ ọ́ fún, kí ọ̀kan má bàa gbàgbé. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn kò le rárá: àyè kan nínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n á máa kọ oògùn tí ara onítọ̀hún kì í gbà sí. Allergy ni wọ́n pè é. Wọ́n sọ fún ọmọbìnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n tún sọ ọ́ fún mi, bíi pé wọn ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé màá ṣe é fúnra mi.

Mo ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fi allergy sókè nínú módẹ̀lì òṣìṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹ̀jẹ̀, mo fún un ní àyè lẹ́tà àádọ́ta, mo sì fún fáìlì migration mi ní orúkọ tó wù mí. Nọ́mbà kejìlá ni. Mi ò wo pátákó. Ẹ̀yìn mi ló wà, kí n kàn yí àga padà ni.

Òun náà ti ṣe tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ módẹ̀lì ló fi allergy tirẹ̀ sí, ó sì fún un ní àyè gígùn, nítorí ó ti béèrè lọ́wọ́ Màmá, Màmá sì ti ní oògùn mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wà tí ara ẹnì kan ò gbà. Èmi ò béèrè nǹkan kan. Fáìlì tirẹ̀ náà, nọ́mbà kejìlá ni, ó ní orúkọ mìíràn, ó sì pe nọ́mbà kọkànlá kan náà ní bàbá. Ó ti da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ kóòdù gbogbogbòò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó lọ sí Ìlúpéjú láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lo ètò náà. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá. Mo fa kóòdù gbogbogbòò wọlé kí n lè da tèmi mọ́ ọn. Bó ṣe jẹ́ pé òkè ni tèmi wà, tí tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́, kò sí ìjà. Allergy wá di méjì nínú módẹ̀lì kan. Python kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí irú ìyẹn, èyí tó bá kẹ́yìn ló máa mú. Django nìkan ló kígbe. Ó ní òun rí migration méjì tó jẹ́ òpin, òun ò mọ èyí tí òun á tẹ̀lé, pé bí mo bá fẹ́, kí n pàṣẹ kí òun so wọ́n pọ̀.

Mo pàṣẹ. Ó wá to ohun tó wà nínú fáìlì méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà fún mi. Ọ̀kan ní kí a fi allergy kún òṣìṣẹ́. Èkejì ní kí a fi allergy kún òṣìṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ló ti kìlọ̀ pé ìsopọ̀ yìí kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ohun tí òun tò sókè yìí kò bá tako ara wọn, ó sì bi mí bóyá kí òun máa bá a lọ. Gbogbo rẹ̀ wà lójú mi. Mo tẹ y, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti tẹ y báyẹn fún ọdún pípẹ́, ìka mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ojú mi lọ. Ó kọ fáìlì kẹtàlá, èyí tó pe àwọn méjèèjì ní bàbá, mo sì gbé e lọ. Mi ò dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ara mi, bẹ́ẹ̀ ká ní mo dán an wò ni, ibẹ̀ ni ì bá ti bẹ́ sí mi lójú. Èmi tí mo máa ń dá iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì padà tí wọn ò bá tíì dán an wò.

Àṣà wa nígbà náà ni pé ká pa ètò náà lórí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kílíníkì ń lò láti òkèèrè, fún ìṣẹ́jú méjì, ká ṣe migration, ká tún tan án padà. Mo pa á ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Mo ní kó ṣe migration. Ó mú nọ́mbà kejìlá tèmi, ó kọ OK síwájú rẹ̀. Ó mú nọ́mbà kejìlá tirẹ̀, ó sì da ìlà pupa lé ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ló ṣe kókó: kọ́lọ́mù tó ń jẹ́ allergy ti wà nínú tábìlì òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ dúró síbẹ̀. Kílíníkì Ìlúpéjú kò rí nǹkan kan ṣí mọ́.

Kí n tó mí délẹ̀, fóònù dún. Màmá Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní ọkùnrin kan láti ibi ẹ̀rọ ike wà níwájú àwọn, ara rẹ̀ gbóná, àwọn fẹ́ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí àwọn tó fún un lóògùn, ojú kọ̀ǹpútà sì funfun. Mo ní kí wọ́n fún mi níṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á fi ẹnu bi í léèrè, àwọn á kọ ọ́ sínú ìwé. Ohùn wọn ò yí padà rárá. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Django.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àga mi padà.

Ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà kéékèèké, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ní búlúù: òṣìṣẹ́, allergy, lẹ́tà orúkọ rẹ̀, àti Ajé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn orí mi. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá ṣí. Mi ò jókòó ronú lórí ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e. Ì bá sàn bí mo bá lè sọ pé mo jókòó ronú. Mo dìde, mo mú dọ́sítà, mo nù ún. Kì í ṣe ìlà rẹ̀ nìkan. Mo nu gbogbo pátákó, kó lè dà bíi pé ẹnì kan tún ibẹ̀ ṣe.

Ọ̀gá wa kì í pariwo. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, wọn ò sì gba ariwo láyè níbi tí wọ́n bá wà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹlòmíì ti fi kọ́lọ́mù kan náà kún módẹ̀lì òṣìṣẹ́, kò sì kọ ọ́ sórí pátákó. Wọ́n wo pátákó. Ó mọ́ tónítóní. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì rò nínú ara mi nígbà yẹn pé àìdárúkọ yẹn jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Ta ló kù tí mi ò dárúkọ? Ọ̀kan ń jẹ ìgbéyàwó lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi orí. Wọ́n ní, "Lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ pé," wọ́n sì padà sí yàrá wọn.

Mo dá kóòdù àtijọ́ padà sórí sáfà, mo tan ètò náà. Kọ́lọ́mù tèmi ti wọ dátábéèsì, ṣùgbọ́n ó lè ṣófo, nítorí náà kò dí kóòdù àtijọ́ lọ́wọ́. Kílíníkì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbà tó wákàtí kan, nítorí mo tẹ àṣẹ kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tọ̀nà.

Ọmọbìnrin náà dé lọ́sàn-án. Ọ̀gá ti pè é lórí fóònù lójú ọ̀nà, wọ́n ti sọ fún un ohun tí mo sọ. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì wo pátákó. Ó wò ó pẹ́. Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà mi bí ẹni tó ń ka ìwé ìdánwò. Ó jókòó, ó ṣí fáìlì méjèèjì, ó kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí èmi ò ṣe. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun tó yẹ ká ṣe. Ó ní tèmi ti wọlé sórí sáfà, kí a jẹ́ kó wà. Ó ní kí tirẹ̀ di nọ́mbà kẹtàlá, kó pe tèmi ní bàbá, kí a sì yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, kó má ní kí a fi kọ́lọ́mù kún un mọ́, kó ní kí a yí kọ́lọ́mù tó wà níbẹ̀ padà láti lẹ́tà àádọ́ta sí àyè gígùn. Kí a yọ allergy mi kúrò lókè módẹ̀lì. Kí a da ìsopọ̀ tí mo ṣe nù, nítorí kò sí ohun tó kù tí a fẹ́ so.

Ó tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó da dátábéèsì orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nù, ó tún un kọ́ látòkè, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e lọ. Ó wọlé láìsí ìlà pupa kan. Màmá Nọ́ọ̀sì fi ìkíni ránṣẹ́.

Bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ láti máa lọ nírọ̀lẹ́, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo rò pé mo kọ ọ́ sórí pátákó. Ó dà bíi pé mo gbàgbé."

Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo dárí jì í fún ohun tí èmi fúnra mi ṣe, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé ní Àgídìngbì. Ìyàwó mi bi mí bóyá oúnjẹ ò dùn ni. Mo ní iṣẹ́ ló rẹ̀ mí. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà náà, èmi náà ni mo sì wọ́ orí ọmọ, tí mo tún ń bá ìyá rẹ̀ wò ó pé kí ló fà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi. Bí a bá fẹ́ fún ẹnì kan ní lẹ́tà, àgbà inú yàrá ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ìbéèrè mẹ́rin ni. Mo dáhùn mẹ́ta láìdúró: ó ń tètè dé, ó mọ iṣẹ́, ó mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kẹrin bi mí bóyá ó ń pa òfin iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ìdáhùn mi sí èyí ni àwọn ń dúró dè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè kọ ìlà kan sórí pátákó lónìí lè pa àkọsílẹ̀ aláìsàn rẹ́ lọ́la. Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ tí mo pa fún wọn á hàn. Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, á padà sí Agége, wọ́n sì ti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ nílé ìwé tó ti kúrò. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú dúrọ́ọ̀. Òun ń kọ kóòdù ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mi. Lọ́jọ́ yẹn, kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó dìde lọ wo pátákó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó kọ láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà kan, ó fi ìka kàn án, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ilẹ̀kùn tì.

Ìyẹn ni mi ò lè gbà mọ́. Kì í ṣe irọ́ tí mo pa fún ọ̀gá ló lé mi, ẹ má jẹ́ kí n fi ara mi ṣe ẹni mímọ́. Bí mo ṣe rí i tí ọmọ tí orí rẹ̀ pé ń ṣiyèméjì orí ara rẹ̀, òun ló lé mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ yàrá ọ̀gá kí wọ́n tó parí àdúrà. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe àmín. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: pé ó kọ ọ́, pé mi ò wo ẹ̀yìn, pé Django kìlọ̀ fún mi tí mi ò kà á, pé èmi ni mo nu pátákó. Mo ti ro ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀ nípa ìpayà àti fóònù Màmá Nọ́ọ̀sì. Kò sí èyí tó jáde níbẹ̀.

Ọ̀gá wo bàtà mi, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe òfin yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́n fa lẹ́tà kan yọ láti abẹ́ Bíbélì wọn. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń dúró de ọ̀rọ̀ mi ni. Wọ́n fọwọ́ sí i níṣojú mi. Wọ́n ní àwọn á fi ọwọ́ ara àwọn fún un, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fún un títí màá fi lọ sọ fún un ohun tí mo sọ fún àwọn yìí, lẹ́nu ara mi, kì í ṣe lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tilẹ̀kùn bí mo bá ń jáde.

Ó wà lórí àga rẹ̀. Mo ní kó gbọ́ mi. Mo sọ fún un. Mi ò jókòó, nítorí ó dà bíi pé jíjókòó á jẹ́ ìgbádùn. Ọkọ̀ páálí kan dé nísàlẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì ní láti gbé ohùn sókè láti jẹ́wọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan péré ló bi mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kà á kí ẹ tó nù ún?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Bí mo bá ní mi ò kà á, pé mo kàn nu pátákó nù ni, ó máa gbà mí gbọ́, ó sì máa rọrùn fún àwa méjèèjì. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo ní, "Mo kà á."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé. Mo ti ń rò pé orí mi ló dàrú." Ó wá yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sunkún, kò bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi.

Ó gba lẹ́tà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ó ń kí mi láràárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ń kọ orúkọ mi sórí pátákó báyìí, bíi ti gbogbo èèyàn. Mo tún ń ka ohun tí Django bá kọ fún mi títí dé ìlà tó kẹ́yìn kí n tó tẹ y.

Ohun kan ṣoṣo ló yí padà lára rẹ̀. Bó bá fẹ́ fọwọ́ kan módẹ̀lì, á dìde, á kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké rẹ̀, á sì dé ìdérí máàkà. Kò ní padà sórí àga. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ kíláàsì kìíní náà ló ṣe ń sọ ọ́. Èmi á yí àga mi padà, màá kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé lẹ́tà orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí mo bá kà á tán ló tó máa ń lọ jókòó.